Họ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀

*10:18*
Ará Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé: Ẹ kú ìjókòó mà. Èmi tí a jọ jókòó nínú bọ́ọ̀sì ni. Mo ti wà lórí ọ̀kadà, mò ń lọ sí Ifẹ̀ lọ ra họ́ọ̀sì tuntun, torí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ rẹdiétọ̀ ni mo fura sí pé ó ń jò. Fóònù dẹ́rẹ́bà ti kú, ẹ̀yin ni n ó máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ ní kó má fọwọ́ kan ìdérí rẹdiétọ̀ o.

Ìyá Olóbì: Ó ti mú àkísà dání. Ó ní òun fẹ́ da omi tútù sí i, ká máa rọra lọ.

Ará Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé: Ẹ gba àkísà náà mà! Omi inú ẹ̀ ń hó, ó máa bó o lójú. Omi tútù lórí irin gbígbóná, tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnì ló máa là. Bí tọ́ọ̀pù bá là, ẹ̀yìn Òṣú níbí lẹ máa sùn. Kó tutù fún ìdajì wákàtí, ó kéré tán.

Ìyá Olóbì: Mo ti gbà á. Ìdí ni mo fi lé e.

*10:55*
Ìyá Olóbì: Ó ti tutù, wọ́n ti yọ ọ́. Họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ni lóòótọ́. Wáyà ni wọ́n fi so ó, kò sí kílíìpù kankan.

Ará Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé: Wáyà ló gé e jẹ. Oríṣi méjì ni oníṣọ́ọ̀bù kó jáde fún mi. Ẹ wọn ẹnu páìpù rẹdiétọ̀ fún mi. Ẹ má wọn ẹ̀yìn họ́ọ̀sì, ó nípọn. Ẹ yí òwú ká páìpù náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá tẹ́ òwú yẹn sórí rúlà.

Ìyá Olóbì: Rúlà nínú igbó?

Ará Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé: Ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù lẹ́yìn.

Ìyá Olóbì: Òwú etí gèlè mi ni mo fà yọ. Sẹ̀ǹtímítà 12.

Ará Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé: Tí a bá fi 3.14 pín in, 3.8 ni. Mílímítà 38 nìyẹn. 42 ló fẹ́ tà fún mi. Ìyẹn á máa jò, bó ti wù ká fún kílíìpù tó.

Ará Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé: Èyí tó tẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni mo mú. Gbọọrọ wà, kò wọ́n, ṣùgbọ́n tí a bá fipá tẹ̀ ẹ́, àárín ẹ̀ á fún pọ̀, omi ò ní ráyè dé wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù, ẹ́ńjìnì á tún gbóná. ₦4,500. Kílíìpù onískúrù 2, ₦600. Èmi ni mo san án.

Ìyá Olóbì: Dẹ́rẹ́bà ní Ìbàdàn lòun á ti fún ọ.

Ará Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé: Ifẹ̀ ni mo ti ń bọ́ mà.

Ìyá Olóbì: Ṣé o ti délé nìyẹn, tí o tún ń padà bọ̀?

Ará Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé: Báàgì mi wà lọ́dọ̀ yín.

Ìyá Olóbì: Mo mọ̀. Bá mi ra ewé gbòdògì ₦500. Oòrùn ti yí sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, obì mi ti ń làágùn, èyí tó bá làágùn máa jẹrà. Ewé tó fẹ̀, tí kò ya, tí kò tíì pọ́n. Má gba ewé eéran, ó ti fẹ́lẹ́ jù. Má sì jẹ́ kí wọ́n wọ́n omi sí i. Aṣọ tútù ni n ó fi nù ún. Omi tó bá dúró nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ni í ba obì jẹ́.

Ará Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé: Ẹ kó wọn sábẹ́ igi ná mà. Ẹ má to ọ̀kan lé èkejì.

Ìyá Olóbì: Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní obì.

Ará Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé: Ẹ má bínú mà 😂 Kí wọ́n ra àpò píọ̀ wọ́tà kan sílẹ̀. 20 inú ẹ̀, lítà 10 ni. Kò gbọdọ̀ bu omi odò, ẹrẹ̀ á dí rẹdiétọ̀.

*13:32*
Ará Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé: Mo ti wọlé mà. Látìgbà tí mo ti so họ́ọ̀sì tuntun yẹn, abẹ́rẹ́ ooru ńkọ́?

Ìyá Olóbì: Kò kọjá àárín. A ti ré Gbọ̀ngán kọjá. Dẹ́rẹ́bà ní o fi àkókò ṣòfò bí o ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ láìfi ìdérí dé rẹdiétọ̀.

Ará Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé: Afẹ́fẹ́ ni mo ń lé jáde. Tí ò bá jáde, omi ò ní yíká. Tí ẹ bá dé Ìbàdàn, tó sì ti tutù, kó tún wo omi, ó máa lọ sílẹ̀ díẹ̀. Kó bù ú kún un.

*15:06*
Ìyá Olóbì: A ti dé. ₦3,000 ló yọ, ó ní kí o fi ìyókù jin òun.

Ará Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé: Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀ mà. Ẹ má da ara yín láàmú.

Ìyá Olóbì: Ọmọ Iléṣà ni mí. Mo ti lóṣòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ ẹ̀, èrò ọkọ̀ ò lè wọlé.

*15:24*
Ìyá Olóbì: ₦5,100 ti pé. Mo fi ₦500 ewé kún un. Fi nọ́mbà àkáǹtì rẹ ránṣẹ́.