Ẹ ṣé o Ìyá Ìbejì, torí ẹrù Ọ̀fà àná

Ẹ kú àárọ̀ o gbogbo ilé, mi ò ní gbà yín lákòókò, mo kàn fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì torí àwọn tí ò sí ní ṣọ́ọ̀bù lánàá ò mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo kọ ìwé ẹrù, páálí 14 ló yẹ kó lọ sí Ọ̀fà, 40 sí Òmù-Àrán, mo wá gbé ọ̀kan sípò èkejì, dẹ́rẹ́bà sì ti gbéra. Oúnjẹ ọ̀sán ni Ìyá Ìbejì ń jẹ lọ́wọ́ tí wọ́n ní kí àwọn tún yẹ ìwé yẹn wò, wọ́n rí i, wọ́n fi ṣíbí sílẹ̀, wọ́n pe dẹ́rẹ́bà, ó ti kọjá Gánmọ, wọ́n ní kó dúró ní Àjàṣẹ́-Ìpo torí ibẹ̀ lọ̀nà ti pín. Wọ́n bá a ka páálí lórí fóònù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé, ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ sì ti tutù pátápátá.

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an ni mà. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé ẹ ò jágbe mọ́ mi, ẹ kàn ní "gbé ìwé wá ká jọ wò ó". Àwọn kọ́sítọ́mà méjèèjì gba ẹrù wọn kílẹ̀ tó ṣú.

Mo mọ̀ pé ẹ wà ní báńkì, ẹ má wulẹ̀ fèsì mà. Láti òní mo ti ń fi máákà kọ orúkọ ìlú sára páálí, ẹni tó bá ń kó ẹrù jọ̀ọ́ kó máa wò ó.