Fíìmù ẹ̀jẹ̀ fún ibà: fótò 14 di ìlànà kan

Ẹ̀yin ọmọ áíì-tíì méjèèjì tó ń bẹ̀rẹ̀ ní láàbù wa ní Òkè-Fìà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ kú ìmúra. Ìwé ìlànà tó wà lórí tábìlì ti gbó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, a ò sì jẹ́ kó jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí àbúrò wa tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ṣe fi fóònù yà á fún mi. Mo ti ka fótò 14 náà tán, ohun tí iṣẹ́ ń fẹ́ nínú rẹ̀ nìyí. Ìkẹfà ló kọ́kọ́ wọlé kí ìkarùn-ún tó dé, nítorí náà bí ẹ bá tẹ̀ lé e bó ṣe wà lórí fóònù, ẹ ó ti máa kun síláìdì kí ẹ tó gún aláìsàn lọ́wọ́. Lórí ìkẹsàn-án, àtàǹpàkò ẹni tó yà á ló bo iye ìṣẹ́jú. Mo ní kó padà lọ yà á, ó sì yà á. Ojú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́, ìtàn ni, mo fi í sílẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé Giemsa tí wọ́n kọ sára ìgò, tí gbogbo wa ń pè ní Jímúsà, orúkọ èèyàn ni: ará Jámánì tó gbé aró náà jáde ní 1904.

ÌKÌLỌ̀

Nínú ìwé, ìparí ni èyí wà. Ta ló ń ka ìparí ìwé kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Mo gbé e wá síwájú.

Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá wọlé, ẹ kà á sí èyí tó lè kó HIV tàbí mẹ́dọ̀wú B ranni, ìbáà jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́, ìbáà jẹ́ ti pásítọ̀ yín. Ìbọ̀wọ́ tuntun fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Láńsẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá ti fi gún èèyàn, ẹ má dé e padà, ẹ má gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Láti ọwọ́ ni kó ti bọ́ sínú páálí abẹ́rẹ́. Bó bá gún yín, ẹ má fún ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu mu ún. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́, kí ẹ sì wá bá mi lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń dènà HIV lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí pé abẹ́rẹ́ gún un. Ẹni tó bá pa á mọ́ra ni màá bá jà.

Mẹtanọ́ọ̀lù mọ́ gaara bí omi, òórùn rẹ̀ sì jọ ti ọtí, àmọ́ májèlé ni. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí èèyàn bá mu lè fọ́ ọ lójú, ó lè pa á. Ó tún máa ń gbiná kíákíá, iná rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú mọ́mọ́. Fún ìdí èyí, àbẹ́là, ìṣáná àti sítóòfù ò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn. Bí NẸ́PÀ bá ṣe tiwọn, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni kẹ́ ẹ tàn. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má bù ú sínú ike omi tàbí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò láé. Mẹtanọ́ọ̀lù yìí náà wà nínú ìgò Jímúsà, ẹ má fojú aró lásán wò ó. Bí èyíkéyìí bá ta sí yín lójú, ẹ fi omi ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹnì kan sì máa pè mí.

Jíìkì ò gbọdọ̀ pàdé mẹtanọ́ọ̀lù, sípíríìtì tàbí ásíìdì. Gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ò dáa.

Bọ́lì, ẹ̀pà, píọ́ wọ́tà: ìta ni.

OHUN TÍ Ẹ Ó KÓ JỌ

Síláìdì tó mọ́, tí kò ní ọ̀rá, èyí tí etí rẹ̀ kan rí ràkọ̀ràkọ̀ tó ṣeé fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí. Láńsẹ́ẹ̀tì, òwú, sípíríìtì ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ìbọ̀wọ́. Mẹtanọ́ọ̀lù pọ́ńbélé. Jímúsà. Omi bọ́fà tí pH rẹ̀ jẹ́ 7.2. Sílíńdà ìwọ̀n, pípẹ́ẹ̀tì, àgbékà síláìdì, aago tó ń dún, òróró máíkírósíkóòpù, bébà tí wọ́n fi ń nu lẹ́ǹsì. Ojú ewé ìwé ìròyìn àtijọ́ kan. Ẹ ó rí ohun tí a fẹ́ fi ṣe.

Ẹ po jíìkì sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ara ike: bí wọ́n bá kọ 3.5%, ife jíìkì kan sí ife omi mẹ́fà; bó bá jẹ́ 5%, ife kan sí mẹ́sàn-án. Bọ́ ẹ bá ṣe é báyìí, 0.5% ni méjèèjì máa jẹ́. Ojoojúmọ́ lẹ máa po tuntun.

ÌGBÉSẸ̀

1. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, nọ́ńbà àti ọjọ́ sí etí síláìdì. Ẹ má fi báírò kọ ọ́, mẹtanọ́ọ̀lù yóò fọ̀ ọ́ dànù.

2. Ìka kẹta tàbí ìkẹrin ọwọ́ òsì ni a ń gún, ní ẹ̀gbẹ́ orí ìka. Fún ọmọ ọwọ́, gìgísẹ̀ ni. Ẹ fi sípíríìtì nù ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó gún un. Ẹ nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ kúrò. Bí ìyá arúgbó ló jókòó síwájú yín, ẹ kọ́kọ́ kí i, kí ẹ sọ fún un pé “ó máa ta yín díẹ̀ o, Mà.” Ìyẹn ò sí nínú ìwé.

3. Orí síláìdì kan náà ni fíìmù méjèèjì wà. Ẹ̀kán kékeré, bíi máíkírólítà 2, fún èyí tó fẹ́lẹ́. Èyí tó tóbi díẹ̀, bíi 6, fún èyí tó nípọn. Fún fíìmù fẹ́lẹ́, ẹ fi etí síláìdì mìíràn kan ẹ̀kán náà, ẹ dà á dẹ̀gbẹ́ ní dígíríì 45, kí ẹ̀jẹ̀ fi tàn kálẹ̀ lẹ́tí rẹ̀, kí ẹ wá tì í síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdúró. Ìparí rẹ̀ ní láti rí bí ahọ́n. Fún fíìmù nípọn, ẹ fi igun síláìdì rò ó yíká títí yóò fi fẹ̀ tó mílímítà 12. Ẹ gbé e sórí ìwé ìròyìn: bí ẹ bá ń rí lẹ́tà abẹ́ rẹ̀ kà tagbáratagbára, ó ti tó. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ó nípọn jù, yóò sì ṣí kúrò nígbà tí ẹ bá ń ṣàn án.

4. Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja kó gbẹ fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ fáànù ò burú. Oòrùn, ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìgbẹrun: rárá. Ooru máa ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pupa lẹ̀ mọ́ gíláàsì, bẹ́ẹ̀ fíìmù nípọn ń fẹ́ kí omi aró fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa wọ̀nyẹn, kí kòkòrò lè hàn. Nígbà òjò, pàápàá ní àsìkò ọdún Ọ̀ṣun ní Ọ́gọ́ọ̀sì tí èrò máa ń kún ìgboro, gbígbẹ rẹ̀ máa ń pẹ́, aláìsàn á sì máa béèrè pé kí ló dé. Ẹ ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ẹ bò ó lórí pẹ̀lú, nítorí eṣinṣin máa ń jẹ ẹ̀jẹ̀ orí síláìdì.

5. Fíìmù fẹ́lẹ́ NÌKAN ni kí ẹ tẹ bọ mẹtanọ́ọ̀lù, fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kí ẹ gbé e jáde, kó gbẹ. Kí fíìmù nípọn wà lókè bí ẹ ṣe ń gbé e gbẹ, kí mẹtanọ́ọ̀lù má bàa ṣàn lọ bá a. Kódà èéfín rẹ̀ lè ṣe é níbi. Ìlà kan péré ni ìwé fi sọ èyí, láàárín ìpínrọ̀ gígùn kan, mo sì mọ ohun tó ná mi. Nígbà tí èmi náà ń kọ́ṣẹ́, mo ri síláìdì kan bọ̀ ọ́ tọrùn-tọrùn. Nígbà tí mo wò ó, sẹ́ẹ̀lì pupa ló kún ibẹ̀ pìtìmù bí ẹja nínú agolo, mi ò rí nǹkan kan. A ní láti pe bàbá náà padà láti Òkè-Baálẹ̀, kí a tún gún un.

6. Pípo Jímúsà. Wọ́n kọ “10%” sí ojú ìwé kan, “1 sí 10” sí òmíràn, ìyẹn lè ṣì yín lọ́nà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni apá kan Jímúsà sí apá MẸ́SÀN-ÁN bọ́fà. Síláìdì kan ń fẹ́ bíi mílílítà 3. Fún síláìdì mẹ́wàá, mílílítà 3 Jímúsà sínú mílílítà 27 bọ́fà. Ẹ má gbọn ìgò Jímúsà, ìdọ̀tí tó ti rọlẹ̀ yóò gbéra. Pípẹ́ẹ̀tì tó gbẹ ni kẹ́ ẹ fi fà á, omi ò gbọdọ̀ kán sínú ìgò, èyí tó bá ṣẹ́kù ò sì gbọdọ̀ padà síbẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ lò ní báyìí ni kẹ́ ẹ pò. Èyí tí ẹ pò lánàá, ẹ dà á nù. Omi kànga ò lè rọ́pò bọ́fà. Bí pH bá ti lọ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á pọ́n, kòkòrò á sì fara pamọ́.

7. Ẹ da aró bo síláìdì, ìṣẹ́jú 10. (Ìwé fàyè gba 10 sí 15, pẹ̀lú ìgò tí a ń lò báyìí, 10 tó.) Bí kò bá sí ìkánjú, tí síláìdì sì pọ̀, 3% fún ìṣẹ́jú 45 máa ń mọ́ ju èyí lọ, òun ni mo fẹ́ràn.

8. Ẹ má da aró náà nù kí ẹ tó ṣàn án. Awọ kan wà lójú rẹ̀ tó ń dán bí irin aláwọ̀ ewé. Bí ẹ bá dà á nù, awọ yẹn á lẹ̀ mọ́ fíìmù. Ẹ rọra máa kán bọ́fà sí i kó gbé awọ náà ṣàn lọ títí omi yóò fi mọ́. Ẹ gbé síláìdì nàró, kí ojú fíìmù kọ sísàlẹ̀, kó gbẹ.

9. Òróró, lẹ́ǹsì 100. Fíìmù nípọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò: ọmọ inú sẹ́ẹ̀lì funfun á dúdú bí èsè àlùkò, kòkòrò á ní ẹ̀kán pupa kan pẹ̀lú ara búlúù. Ẹ wo ojú 100, ó kéré tán, kí ẹ tó sọ pé kò sí. Bí ẹ bá rí i, ẹ lọ sí fíìmù fẹ́lẹ́ kí ẹ mọ irú rẹ̀. Fálísípárọ̀mù ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa: òrùka tẹ́ẹ́rẹ́, nígbà mìíràn méjì nínú sẹ́ẹ̀lì kan, akọ àti abo rẹ̀ sì tẹ̀ kọrọdọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

10. Kíkà. Ẹ máa ka kòkòrò àti sẹ́ẹ̀lì funfun pọ̀ nínú fíìmù nípọn. Bí sẹ́ẹ̀lì funfun bá pé 200 tí kòkòrò ti tó 100, ẹ dúró. Bí kò bá tó, ẹ kà dé 500. Lẹ́yìn náà:

```
kòkòrò × 8000 ÷ sẹ́ẹ̀lì funfun
```

Kòkòrò 45 sí sẹ́ẹ̀lì funfun 500 jẹ́ 720 nínú máíkírólítà kan. 150 sí 200 jẹ́ 6000. Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ. Àmì “pọ́lọ́ọ̀sì, pọ́lọ́ọ̀sì” ò sọ nǹkan púpọ̀ fún dókítà. Bí ẹ ò bá sì rí i, ẹ kọ ọ́ pé “a ò rí kòkòrò ibà.” Ẹ má kọ ọ́ pé “kò sí ibà.”

11. Ẹ fi bébà lẹ́ǹsì nu òróró kúrò. Ẹ má fi etí ẹ̀wù nù ún, mo ti rí i rí. Òwú ẹlẹ́jẹ̀ lọ sínú àpò pupa. Ẹ fi jíìkì tí a ti pò bo orí tábìlì fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó nù ún, ìyẹn lẹ́yìn tí mẹtanọ́ọ̀lù bá ti wà lórí pẹpẹ rẹ̀, ní dídé. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́, ẹ fọwọ́. Síláìdì tó ní kòkòrò, ẹ tò ó sínú àpótí, ẹ má fọ̀ ọ́. Èmi fúnra mi á tún un wò kí ilẹ̀ tó ṣú.