Ìṣòro tí a fẹ́ fi owó ìrànlọ́wọ́ yìí yanjú: kòkó tí kò gbẹ tán

Kòkó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ní àwọn abà tó wà lójú ọ̀nà Gáréèjì Olódé ní gúúsù Ilé-Ifẹ̀, ń dé ọwọ́ àwọn tó ń rà á láìgbẹ tán. Ẹ̀rọ la fi wọ̀n ọ́n. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ọdún 2024, a yẹ àpò 48 wò, ti àgbẹ̀ 36, kí ó tó kúrò lábà. Kílò 64 ni àpò kọ̀ọ̀kan. Òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ àpò la ti mú hóró, torí òkè nìkan lè tan ni jẹ.

Omi inú kòkó kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 8 nínú 100 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, èbu á hù. Àpò 31 ló kọjá ààlà yìí, ìdá 11 sì ni omi inú wọn bí a bá pín in dọ́gba. A tún gé hóró 300 láti inú àpò kọ̀ọ̀kan sí méjì. Nínú 19 lára àpò 31 náà, hóró tó ti hu èbu ju 12 lọ, ìyẹn ju ìdá 4 lọ, tí ìlànà àgbáyé kò fàyè gbà kódà fún kòkó onípele kejì.

Níbo ni omi náà ti ń wá? Kì í ṣe ìdí bíbò: gbogbo wọn ló fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó wọn fún ọjọ́ 5 tàbí 6, tí wọ́n sì ń rò ó. Ibi tí wọ́n sá a sí ló yàtọ̀. Nínú àpò 29 tí wọ́n sá sórí ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, 24 ni kò gbẹ. Nínú 19 tí wọ́n sá sórí pẹpẹ ọparun, 7 péré ni. Atẹ́gùn ń gba abẹ́ pẹpẹ kọjá. Ilẹ̀ kì í jẹ́ kó rí abẹ́ kòkó. Bí òjò oṣù kẹwàá bá sì dé lójijì, kòkó ilẹ̀ ti rẹ kí wọ́n tó kó o tán. Ṣùgbọ́n 5 lára àpò 7 yẹn wá láti orí pẹpẹ tí kò ní ìbora, nítorí náà pẹpẹ láìsí ìbora kò tó.

Ẹ wo ohun tí àgbẹ̀ ń pàdánù. Àpò kílò 64 tí omi rẹ̀ jẹ́ ìdá 11 yóò ku bíi kílò 61.9 bó bá gbẹ dé ìdá 8: kílò 2.1 ni omi àlékún. Kílò 4 ni ẹni tó ń rà á ń yọ lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Kílò 1.9 tó lé yẹn, lórí àpò 31, jẹ́ kílò 59, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odidi àpò kan. Àwọn kan ti wá ń fi iná gbẹ kòkó wọn, èéfín sì ń wọ inú rẹ̀, èyí tí kì í kúrò mọ́.

Àpò 48 kò tó láti sọ̀rọ̀ fún gbogbo gúúsù Ifẹ̀, a kò sì fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, àgbẹ̀ 9 ló ní pẹpẹ. Àwọn 27 yòókù ṣì ń sá kòkó sílẹ̀.