Ibi tí mo fẹ́ gé dànù

Ọjọ́ kẹta tí mo dé Ọ̀wọ̀ ni mo tó ráyè jókòó ti Ìyá dáadáa. Oṣù Kẹsàn-án ni, ọdún Ìgogo ń lọ lọ́wọ́, tí Ìgogo bá sì ti bẹ̀rẹ̀ wọn kì í lu ìlù nígboro títí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún yẹn á fi pé, agogo nìkan ni wọ́n ń lù. Mo ti ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi pé ìlú á dákẹ́, rìkọ́dà mi á gbádùn. Mi ò mọ̀ pé agogo le ju ìlù lọ fún ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀, ìlù á dún á sì kọjá, àmọ́ agogo yẹn máa ń wọnú ọ̀rọ̀ èèyàn bí iyanrìn ṣe ń wọnú ẹ̀wà, o ò ní rí i àfi tó o bá ń jẹ ẹ́.

Ìyá ní òun ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Aláṣọ híhun ni wọ́n kí ojú tó ní ó tó gẹ́ẹ́, òfì wọn ṣì wà níbẹ̀ lára ògiri, èyí tó ń dúró lóòró, tí àwọn obìnrin ń lò. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ìdí òfì ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n òfì tiwa ọkùnrin ló ń jókòó sí i, ó máa ń na okùn lọ síwájú lórí ilẹ̀ gbọọrọ ni, aṣọ rẹ̀ á sì tẹ́ẹ́rẹ́. Òfì yẹn ni mo kọ́kọ́ wò kí n tó wo ojú Ìyá, mo fọwọ́ kan igi rẹ̀, ibi tí ọwọ́ ti ń kan án látọdún pípẹ́ ti ń dán bí ẹni fi òróró pa á.

"Ṣé lóòótọ́ ni ọkùnrin ń hunṣọ lọ́dọ̀ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama. Bàbá mi ń hun ún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Látìgbà yẹn la ti mọwọ́ ara wa.

Ohun tí mo wá wá ò pọ̀. Ohùn kan ṣoṣo ni, èyí tí wọ́n ń kọ ní gh nínú ìwé. Bíọ́dún Adétúgbọ̀ ti sọ ọ́ nínú iṣẹ́ ìwádìí tó ṣe ní yunifásítì Columbia lọ́dún 1967 pé àwọn ará apá ìlà oòrùn ṣì di ohùn yìí mú, nígbà tí àwa ará Ọ̀yọ́ àti àwọn tó sún mọ́ wa ti dà á pọ̀ mọ́ w tipẹ́tipẹ́. Owó tí àwa ń pè, eghó ni Oǹdó ń pè é, ẹ sọdá sọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀dó, wọ́n á ní igho. Ọ̀wọ̀ pàápàá, tá a bá fẹ́ pè é bí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe ń pè é, Ọ̀ghọ̀ ni, ọba wọn sì ni Ọlọ́ghọ̀. Mo ti kà gbogbo ìyẹn. Etí mi ni ò tíì kà á.

Mo wá tan rìkọ́dà, mo ní kí Ìyá sọ ìtàn Ọrọnṣẹn fún mi. Wọ́n sọ ọ́, ìtàn náà dùn gan-an, ìyàwó ọba tó léèwọ̀ mẹ́ta, wọn ò gbọ́dọ̀ lọ ilá níwájú ẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ da omi sí àgbàlá, ẹni tó bá sì ru igi bọ̀ láti oko ò gbọ́dọ̀ jù ú sílẹ̀ gbàmù, àwọn orogún wá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú ẹ̀, ó bínú kúrò nílé, ó wọgbó lọ, títí dòní olónìí ọba á di irun bí obìnrin nítorí ẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú. Mo ń fetí sí ohùn tí mo wá wá, gbogbo ibi tí mo rò pé ó yẹ kó ti yọ, w ni Ìyá ń pè, w tó mọ́ tónítóní bíi ti ìyá mi ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀wọ̀. Ọlọ́wọ̀. Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn mí tó. Mo rò ó nínú ara mi pé mo ti pẹ́ jù, ó ti kú lẹ́nu àwọn àgbà pàápàá.

Láàrin ìtàn yẹn, aládùúgbò kan fi ohùn rara pe Ìyá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kí wọ́n jáde wá wòran, Ìyá dá a lóhùn, àwọn méjèèjì jọ pariwo síra wọn fún bí ìṣẹ́jú méjì, èdè wọn ń sáré débi pé ìdajì ni mo gbọ́. Mo wo aago rìkọ́dà, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: 31:12, gé e dànù.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, iná ò sí. Bátìrì kọ̀ǹpútà mi ku díẹ̀, mo fi ìyàpíìsì sétí pé kí n tètè gé ibi ariwo yẹn kúrò kó tó pa. Ni mo bá gbọ́ nkan kan.

Mo kọ́kọ́ rò pé itọ́ ni. Mo tún un gbọ́, mo ní bóyá atẹ́gùn ló fẹ́ lu maikí, tàbí ọ̀kadà tó kọjá níta. Àmọ́ atẹ́gùn kì í fẹ́ ní ibi kan náà nínú ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá sọ Ọlọ́ghọ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan yẹn sì wà nínú méjèèjì, bí ìgbà téèyàn bá fa aṣọ tó wúwo kọjá lára ilẹ̀kùn jẹ́ẹ́jẹ́. Mo ṣí i nínú Praat kí n lè rí àwòrán ohùn náà. Nínú Ọlọ́wọ̀ tí Ìyá pè fún mi, àwọn ìlà dúdú rẹ̀ rọra wá sílẹ̀ wọ́n tún rọra gòkè, kò sí ìdààmú kankan. Nínú tí Ìyá pè fún aládùúgbò, àwọn ìlà yẹn rẹ̀ sílẹ̀ láàrin, eruku fẹ́ẹ́rẹ́ bo ibẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tún padà yọ.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dà mí láàmú jù. Ìyá dárúkọ àwọn olóyè kan níbẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní Igare, mo pa á rẹ́, mo kọ Iware, mo tún pa ìyẹn náà rẹ́. Kì í ṣe g, nítorí ẹ̀yìn ahọ́n ò kan òkè, kò sí ibi tí èémí ti dúró. Kì í ṣe w, nítorí ètè ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ń pè é lẹ́nu ara mi bí aṣiwèrè, i-a, i-a, mo ń wá ohun tó wà láàrin wọn. Ìgbà yẹn ló tó là sí mi. Ighare ni. Ohùn kan náà ni gbogbo ẹ̀! Nínú Ọlọ́ghọ̀, ọ wà níwájú ọ wà lẹ́yìn, ọ yẹn ló ń ká ètè jọ, etí ọmọ Ọ̀yọ́ á wá sáré sọ pé w ló gbọ́. Láàrin i àti a, kò sóhun tó ń ká ètè jọ, ohùn náà wá dúró níhòòhò. Mo tẹ àmì rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà, `[ɣ]`, bátìrì sì pa.

Mi ò sùn dáadáa. Ohun kan ṣì ku tí mi ò mọ̀: tó bá wà lẹ́nu Ìyá, kí ló dé tí wọn ò fún mi?

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo kúnlẹ̀ sọ fún wọn pé mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ, mo bẹ̀bẹ̀, mo fi ìyàpíìsì kan sí wọn létí kí wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ ọ parí.

"Ṣé bí mo ṣe máa ń pariwo nìyẹn?"

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ ń pè é ní Ọlọ́ghọ̀ níbẹ̀. Èmi lẹ pè é ní Ọlọ́wọ̀ fún."

"Àlejò ni ẹ́." Wọ́n wò mí bí ẹni pé ó yẹ kí n mọ̀. "Tí mo bá sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́, ṣé o máa gbọ́? Èdè tìẹ ni mo fi ń ṣe ẹ́ lálejò. Àti pé ẹ̀rọ wà níwájú mi. Nílé ìwé, tó o bá fi gh kàwé, rúlà ni tíṣà máa fi gbá ẹ lẹ́yìn ọwọ́. Ó ní ti oko nìyẹn. Ibi tí nǹkan tó dà bí ìwé bá wà, ẹnu mi ti mọ ohun tó máa ṣe."

Wọ́n na ẹ̀yìn ọwọ́ òsì wọn sí mi, kò sí àpá kankan níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ń fi ìka kan wá a.

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo ṣáà tọrọ àyè kí n má gé ibẹ̀ kúrò. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, wọ́n wá fa ọwọ́ mi, wọ́n fi ìka mi méjì sí abẹ́ àgbọ̀n wọn níbi tó rọ̀ lápá ọ̀nà ọ̀fun. "Ọ̀ghọ̀," wọ́n ní. Ara ibẹ̀ gbéra díẹ̀, ó gbọ̀n rìrì lábẹ́ ìka mi, ó padà sílẹ̀. Wọ́n tún pè é. Mo dán an wò. G ni mo pè. Mo tún un pè, ó di h.

"Má jẹ́ kó kan òkè. Ṣe bí ẹni fẹ́ gbé omi mì tó wá rántí nǹkan."

Èyí dáa ju gbogbo àlàyé tí mo ti kà lọ, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, síbẹ̀ ẹnu mi ò ṣe é.

Ọmọ-ọmọ wọn kan tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn wọlé wá mu omi, kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ìyá bi í pé ìlú wo nìyí. "Ọ̀wọ̀," bí wọ́n ṣe ń pè é nílé ìwé. Ìyá pè é sí i létí bí wọ́n ṣe pè é sí èmi, kò tiẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀fun ẹnikẹ́ni, ó pè é padà. Ó gbà á lẹ́ẹ̀kan náà! Ohùn yẹn dùn mọ́ ọn, ó tún un pè, ó ń rẹ́rìn-ín, Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n fún un ní Ọlọ́ghọ̀, ó gba ìyẹn náà.

Agogo tún bẹ̀rẹ̀ níta, ó ń sún mọ́lé. Ọmọ yẹn fi ife sílẹ̀, ó sáré jáde, a sì ń gbọ́ ọ tó ń pariwo lọ lójú ọ̀nà, "Ọlọ́ghọ̀ ń bọ̀ o! Ọlọ́ghọ̀ ń bọ̀!" Ìyá tẹ́tí sí i, wọn ò sọ nǹkan kan títí tí a ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Rìkọ́dà ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo wo aago rẹ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: 18:47, ọmọdé, láti ìta, agogo wà nínú rẹ̀, má fọwọ́ kàn án.