Ìyá Dámilọ́lá, ẹ pẹ̀lẹ́

Ìyá Dámilọ́lá,

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Láàárọ̀ yìí, ọwọ́ mi ti tẹ “ẹ kú iṣẹ́” sí yín lórí fóònù kí n tó rántí. Mo pa á rẹ́. Látìgbà náà ni mo ti ń wá ìkíni tó yẹ ọ̀rọ̀ yìí. A ní ti ẹni tó ń rìnrìn àjò, a ní ti ẹni tó ń dirun, a ní ti ẹni tí òjò pa àti ti ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú. Mi ò rí ti ẹni tí wọ́n pè wọlé ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n na lẹ́tà pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sí lẹ́yìn ọdún 11. Ẹ pẹ̀lẹ́ náà ni mo padà sí.

Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí ẹ ò gbúròó mi. Kì í ṣe pé n ò ráyè, ojú ló ń tì mí. Nígbà tí ẹ jáde sí wa, tí ẹ̀ṣọ́ tẹ̀ lé yín dé ìdí tábìlì, tó dúró tì yín bí ẹni ń ṣọ́ olè, gbogbo wa gbójú lé kọ̀ǹpútà. Èmi náà gbójú lé tèmi, kò sì sí nǹkan kan tí mò ń kà níbẹ̀. Ó yẹ kí n dìde, kí n bá yín gbé báàgì dé ìsàlẹ̀. Mi ò dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Mi ò ní sọ fún yín pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mi ò sì ní sọ pé bóyá Ọlọ́run fẹ́ gbé yín ga ni, torí mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nǹkan ńlá bọ́ lọ́wọ́ yín. Owó oṣù bọ́, ibi tí ẹ ń múra lọ láàárọ̀ bọ́, àwa tí a jọ ń jẹun ọ̀sán náà tú ká. Ó sì wá bọ́ sí àkókò tí owó ìdánwò ìwé mẹ́wàá Dámilọ́lá tó san. Ó dunni. Tí ẹ bá ń sunkún, ẹkún tó yẹ ni.

Ohun kan wà tó ń gbé mi lọ́kàn. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala 20, sọ pé tí agbanisíṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ jáde, bí a bá ti wo ìmọ̀ iṣẹ́, agbára iṣẹ́ àti bí èèyàn ṣe ṣeé gbára lé mọ́ ọn. Èmi ni mo wọlé kẹ́yìn. Ọdún mẹ́rin péré ni mo ní níbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ti ìmọ̀, ẹ̀yin lẹ jókòó tì mí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, tí ẹ kọ́ mi bí a ṣe ń fi ìwé tiwa wé ti báńkì títí kọ́bọ̀ ò fi ní ṣẹ́ kù. Mi ò sọ èyí kí ẹ lè máa rẹ̀ mí lẹ́kún o. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé mo rí i, pé mi ò ní díbọ́n pé iṣẹ́ yín ló kù díẹ̀ káàtó.

Mo rántí ìparí ọdún tí wọ́n san owó oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mejì, tí gbogbo wa ní ó ti bára mu. Ẹ̀yin nìkan lẹ ní kò bára mu. Ẹ jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sórí ìwé. Agogo mẹ́sàn-án kọjá kí a tó wọ bọ́ọ̀sì ní Marínà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ sì sùn lé mi léjìká láti orí Afárá Èkó títí dé Kẹtu. Owó náà padà wálé. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ yín sí i nípàdé. Ó yẹ kí wọ́n dá a.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn nǹkan tí mo ti béèrè, kí ó má baà di pé ẹ̀yin lẹ óò máa pè wọ́n kiri. Káàdì ilé ìwòsàn yín àti ti àwọn ọmọ ṣì ń ṣiṣẹ́ títí oṣù yìí fi máa parí. Ẹ má fi ojú yín tó ń dùn yín yẹn dọ́la, ẹ lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yìí. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, òfin ọdún 2014 gba ẹni tí ò tíì pé 50 ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láyè láti gba ohun tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú owó náà, tó bá ti lo oṣù mẹ́rin láìríṣẹ́ míì. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iléeṣẹ́ ti san ìdá mẹ́wàá tiwọn lóṣooṣù pé, torí ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n máa ń jẹ ẹ́ sílẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí, a ó jọ ṣírò rẹ̀. Kí ẹ sì rí i pé lẹ́tà náà sọ ọ́ kedere pé ìdínkù òṣìṣẹ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé wọ́n lé yín nítorí ìwàkiwà. Ọ̀gá wa ní ẹ̀ka ìṣirò owó ní àwọn á kọ lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́ fún yín. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ kí oṣù tó tán, mo sì máa ń rán wọn létí.

Ti àjọ wa: èmi ló yẹ kí n kó oṣù yìí, kí ẹ̀yin kó ní Bélú. Mo ti bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀, a ti pààrọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa kó o lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, èmi á kó ti Bélú. Kì í ṣe ọrẹ, owó yín ni. Tí dídá tó kù bá sì nira fún yín, ẹ sọ fún mi nìkan, a ó wá nǹkan ṣe sí i.

Ìyá tó ń ta ẹ̀wà àgọ̀nyìn lẹ́nu géètì béèrè yín lánàá. Mo ní ẹ ò wá ni. Ọ̀rọ̀ yín ni, mi ò ní bá yín sọ ọ́.

Ṣáálì yín, sílípáàsì, abọ́ oúnjẹ, ìgò ata gbígbẹ àti ìwé aláwọ̀ pupa yẹn wà lọ́dọ̀ mi nílé. Mo kó wọn kúrò nínú dúrọ́ọ̀ yín láàárọ̀ Mọ́ńdè kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ Sátidé, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá, mo máa gbé wọn wá sí Kẹtu. Tí ẹ ò bá tíì fẹ́ rí èèyàn, mo máa gbé wọn fún Dámilọ́lá lẹ́nu ọ̀nà, màá sì padà. Tí ẹ bá fẹ́ kí n jókòó, màá jókòó, ẹ ò sì ní láti sọ̀rọ̀.

Ẹ má wulẹ̀ fèsì tí kò bá wù yín.

Àbúrò yín,
Fúnkẹ́