Àkópọ̀ Àáwọ̀ fún Alárinà: Owó Kọ́ṣọ̀n Ilé ní Sùúrùlérè

Sí: Alárinà, Ilé Ìlàjà Aráàlú ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó
Ìjókòó: Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Karùn-ún 2024
Láti ọ̀dọ̀ ayálégbé. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwa méjèèjì wà nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn.

Ohun tí mo ń béèrè: ₦170,500 nínú ₦200,000 owó kọ́ṣọ̀n tó wà lọ́wọ́ Bàbá onílé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀
Mo gba fúláàtì oníyàrá méjì ní 1 Oṣù Kejì 2021, ₦900,000 lọ́dún. Ọjọ́ náà ni mo san kọ́ṣọ̀n, ájẹ́ǹtì sì já rìsíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀ (Ìwé A). Mo kó jáde ní 31 Oṣù Kìn-ín-ní 2024, mo sì dá kọ́kọ́rọ́ padà. N kò jẹ owó ilé. Ní 9 Oṣù Kẹta, Bàbá kọ lẹ́tà pé àwọn ti yọ ₦186,000, pé ₦14,000 ló kù fún mi (Ìwé B). N kò tíì gba kọ́bọ̀.

Èyí tí mo gbà: ₦29,500
Àgádágodo ilẹ̀kùn kíṣíìnì, ₦12,000: lọ́wọ́ mi ló ti bàjẹ́. Owó iná Oṣù Kìn-ín-ní, ₦17,500: èmi ni mo jẹ ẹ́.

Èyí tí a ń jà sí: ₦156,500

*Abọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ₦48,000.* Bàbá ní odindi ni abọ́ náà nígbà tí mo wọlé, pé nǹkan tó wúwo ló já lù ú. Fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí ájẹ́ǹtì lórí Wásáàpù ní 2 Oṣù Kejì 2021 (Ìwé D) fi ojú ibi tó sán hàn, nísàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí ìdè ti dè é mọ́ ilẹ̀. Ájẹ́ǹtì dáhùn lọ́jọ́ kan náà: “A máa wò ó.” Ojú kan náà ni fọ́tò Bàbá tọ́ka sí.

*Kíkun ilé, ₦95,000.* Lẹ́tà Bàbá kò dárúkọ ihò tàbí àbàwọ́n kan. Ohun tó sọ ni pé ọ̀dà ti gbó. Ọdún mẹ́ta ló gbó o, kì í ṣe èmi. Rìsíìtì akunlé náà kò sọ iye korobá ọ̀dà tàbí owó iṣẹ́.

*Owó iná Oṣù Kejì, ₦13,500.* Mo ti kó jáde.

Ìpín 10 Òfin Ìgbélé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 fún ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ bí a ṣe ná irú owó kọ́ṣọ̀n yìí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. N kò rí ọ̀kan rí. N kò sọ pé ìyẹn nìkan pa gbèsè mi rẹ́. Ó kàn jẹ́ kó ṣòro láti mọ ohun tí wọ́n ná.

Ẹ̀bẹ̀ mi
Kí ẹ jọ̀wọ́ ní kí Bàbá mú rìsíìtì pùlọ́mbà wá, kí ájẹ́ǹtì náà sì yọjú. Tí a bá fẹnu kò, kí owó wọ àkáǹtì mi láàárín ọjọ́ 14. Ibi tí mo lè sún dé wà nínú ìwé kékeré mìíràn tí mo fi ránṣẹ́ sí Alárinà nìkan. Ẹ má ṣe kà á sétí Bàbá.