Èsì mi lórí síláìdì Erédò tí o fi ránṣẹ́

Àbúrò mi,

O kú iṣẹ́ o. Síláìdì rẹ dé ọwọ́ mi lálẹ́ àná, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: rífíù. O ò sọ ohun tí o fẹ́ kí n wò, nítorí náà ohun tí mo gbọ́ nípa ìpàdé náà ni mo fi wò ó. Àwọn olórítún ni yóò jókòó, àti àwọn ẹbí tó nilẹ̀ létí Erédò, yàrà àti ògiri ilẹ̀ àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, pẹ̀lú àwọn aṣojú káńsù. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún ẹ. Ohun tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sì ń wá ni pé kí wọ́n fọwọ́ sí i pé kò ní sí ilé kíkọ́ àti yẹ̀pẹ̀ wíwà mọ́ létí yàrà náà. Bí ọ̀kan nínú èyí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tètè pè mí, torí ìmọ̀ràn mi yóò yí padà. Lọ́jọ́ mìíràn, kọ ọ́ mọ́ ọn: ta ló máa wò ó, ìṣẹ́jú mélòó lo ní, ibo ló ń kọ ọ́ lóminú.

Síláìdì kẹta dára gan-an. Àwòrán ọ̀dọ́kùnrin tó dúró nísàlẹ̀ yàrà, tí ògiri ilẹ̀ ga ju orí rẹ̀ lọ lọ́tùn-ún lósì, kò nílò àlàyé. Má fọwọ́ kàn án. Kódà, òun ló yẹ kó ṣíwájú.

N ò ní bẹ̀rẹ̀ lórí àwọ̀ àti lẹ́tà, ká má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ìtò ọ̀rọ̀ ni ìṣòro tó tóbi jù. Síláìdì 24 lo ní. Láti ìkejì dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ìtàn ni. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́. Ìkọkànlélógún lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé wọ́n ń ba Erédò jẹ́, ìkẹtàlélógún lo sì tó bẹ̀bẹ̀. Pẹ̀lú ogún ìṣẹ́jú, o ò ní débẹ̀. Àwọn tó máa jókòó níwájú rẹ sì ti gbọ́ ìtàn Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin tí wọ́n ní ó wa yàrà náà, kí wọ́n tó bí ẹ. Ohun tí wọn kò tíì rí ni àwòrán ibi tí katakata ti wó ògiri náà, tí o fi pamọ́ sínú síláìdì kọkànlélógún ní igun ìsàlẹ̀. Gbé e jáde.

Bí mo ṣe máa tò ó nìyí: àwòrán ọ̀dọ́kùnrin nínú yàrà, àwòrán ibi tí wọ́n ti wó, ohun tí à ń bẹ̀ yín fún, ohun tí Erédò jẹ́, ní síláìdì méjì péré, ohun tí àwọn ẹbí yóò rí jẹ níbẹ̀ bí àlejò bá ń wá, iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yóò ṣe, ẹ̀bẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó dúró lójú ògiri títí wọn yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Kò ju mẹ́jọ lọ. Ìyókù kò ṣòfò. Tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ pín in fún wọn lẹ́yìn ìpàdé.

Lórí kí ọ̀rọ̀ yé ni: àkọlé rẹ kò sọ ohunkóhun. “Ìtàn”, “Ìwọ̀n”, “Ìpèníjà”. Jẹ́ kí àkọlé sọ ohun tó wà nínú ọkàn rẹ gan-an. Dípò “Ìpèníjà”, kọ “Katakata ti wó ògiri Erédò níbí”. Ẹni tó bá ka àkọlé nìkan láti òkè dé ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ lè lọ sílé kó ròyìn ohun tó o wá sọ.

Àwọn ibi kan wà tí mo fẹ́ kí o mú ní pàtàkì, torí pé àṣìṣe kan ṣoṣo lè mú kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀. Síláìdì kẹfà sọ pé Erédò gùn tó kìlómítà 160, ìkọkànlá sọ pé máìlì 100. Ìwọ̀n kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wò ó máa rò pé o ń ta ko ara rẹ. Lo kìlómítà nìkan. O tún kọ pé ó jìn tó mítà 20 yíká. Rárá o. Láti orí ògiri dé ìsàlẹ̀ yàrà, ó tó mítà 20 láwọn ibì kan ni. Àwọn tó ń dáko létí rẹ̀ mọ ibi tí kò jìn tó bẹ́ẹ̀, wọn yóò sì sọ ọ́ ní gbangba.

Síláìdì kẹtàdínlógún ló dẹ́rù bà mí jù. O kọ ọ́ pé Yunẹ́sìkò ti gba Erédò wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé. Wọn kò tíì gbà á. Láti 1995 ni orúkọ rẹ̀ ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ní lọ́kàn láti gbé síwájú wọn. Súkúr ní ìpínlẹ̀ Adamawa tó wọlé ní 1999 àti igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo ní 2005 ni a ní. Òtítọ́ yìí gan-an wúlò fún ẹ ju irọ́ lọ: bí a bá jẹ́ kí wọ́n wó o, kí la fẹ́ gbé síwájú wọn?

Síláìdì kejìlá ńkọ́? O pa ìtàn Òkè-Ẹ̀rì àti ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Àwọn onímọ̀ gbà pé kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún lọ tí wọ́n ti wa Erédò. Ayaba Ṣébà tó lọ bá Sólómọ́nì, tí ìtàn Òkè-Ẹ̀rì ní òun náà ni Bílíkísù Súngbọ́, ti wà ṣáájú ìyẹn tipẹ́tipẹ́. Má bá àwọn àgbà jà lórí ẹ̀. Kọ ọ́ báyìí: “Àwọn bàbá wa sọ pé Bílíkísù Súngbọ́ ló wà á, àwọn èèyàn sì ń wá ṣe ìbẹ̀wò sí ibojì rẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀rì.” Kí ti àwọn onímọ̀ wà nínú ìwé tí ẹ máa pín.

Nípa síláìdì tó kún jù, ìkẹjọ ló burú jù. Ìpínrọ̀ mẹ́rin, àwòrán mẹ́ta, máàpù kan, lẹ́tà aláwọ̀ ìyeyè lórí funfun. Gbọ̀ngàn yẹn ní fèrèsé ńláńlá, ọ̀sán ni ìpàdé, ojú àwọn bàbá sì ti ń ṣe bàìbàì. Wọn kò ní rí nǹkan kan. Máàpù nìkan ni kó dúró síbẹ̀, kó gba gbogbo ojú ògiri, kí o fi Ìjẹ̀bú-Òde hàn láàárín yàrà náà, pẹ̀lú gbólóhùn kan lókè: “Inú Erédò ni gbogbo wa ń gbé.” Ìyókù, ẹnu rẹ ni kó sọ ọ́. Lẹ́tà dúdú lórí funfun, ńlá tó ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá yóò fi kà á. Àwọn àkọlé tó ń fò wọlé yẹn, yọ gbogbo wọn.

Ẹ̀bẹ̀ rẹ ní síláìdì kẹtàlélógún jẹ́ mẹ́sàn-án. Mú un dín sí mẹ́ta: kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé, kí ó má sì wa yẹ̀pẹ̀, ní mítà 20 sí etí yàrà, kí káńsù ri pátákó mọ́ ibi tí ojú ọ̀nà ti gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan yan ẹni kan tí a óò máa bá sọ̀rọ̀. Béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ bóyá mítà 20 yẹn ni gbogbo yín fẹnu kò lé, torí mo rí 50 ní síláìdì kọkàndínlógún.

Fi èyí tuntun ránṣẹ́ sí mi kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Pè é ní `Eredo_ipade.pptx`, kí a má tún fi `final2` àti `final3` dàrú mọ́ra wọn, kí o sì gbé ọ̀kan pamọ́ ní PDF bí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn bá kọ̀ láti ṣí i. Mo máa wà nílé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Wá ká jọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú aago lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ